Ọ̀gá Ti Buwọ́ Lu Líìfù, Ọjọ́ Òkú Wá Yẹ̀

Ọjọ́ ìsìnkú nílẹ̀ Yorùbá kì í sábà dúró síbi tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Ẹbí á jókòó, wọ́n á dá ọjọ́, wọ́n á sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ra aṣọ ẹbí. Kò ní pẹ́, ọmọ tó wà ní Kánádà á ní òun ò tíì rí fíísà gbà, tàbí kí wọ́n gbọ́ pé ẹlòmíì ti sanwó gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ lò, tàbí kí àgbà kan rántí pé ìwúyè ńlá kan bọ́ sọ́jọ́ yẹn nílùú. Wọ́n á tún jókòó, ọjọ́ tuntun á sì jáde. Fún àwọn tó wà nílé, kò fi bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n tún káàdì ìpè tẹ̀ lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ olóògbé tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Mánṣẹ́sítà, tó ti gba líìfù, tí wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú rọ́tà, tí wọ́n sì ti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Àwọn tó wà nírú ipò yìí pọ̀ lára àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ máa ń rò ni pé ọ̀rọ̀ náà ò le: líìfù tèmi ni, mi ò lọ mọ́, mo máa wá síṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti máa ń wọlé.

Ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ wò ni ibi tí ìwé rẹ̀ dé. Ìwé tí ọ̀gá kò tíì buwọ́ lù, ẹ̀bẹ̀ lásán ṣì ni. Ó lè gbà á padà láàárọ̀ kó tún kọ òmíràn lálẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìdí. Lórí kọ̀mpútà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń lò báyìí, Pending ni wọ́n sábà máa ń kọ síwájú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti gbà á padà á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, ó parí. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti di Approved, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ yẹn lè má sí níbẹ̀ mọ́, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ mìíràn ló máa fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Kì í ṣe pé kọ̀mpútà náà ṣorí kunkun. Láti ìgbà tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, ọjọ́ yẹn ti di àdéhùn ẹni méjì, ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè dá yẹ àdéhùn ẹni méjì.

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ní Ẹ́ńgílàǹdì, Skọ́tíláǹdì àti Wéèlì ni òfin àkókò iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998. Òun ló fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní líìfù olówó ọjọ́ 28 lọ́dún, ó kéré tán, àwọn ọjọ́ ìsinmi gbogbo ìlú sì lè wà nínú rẹ̀. Ó sọ bí òṣìṣẹ́ ṣe máa béèrè: kó ti sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ tó fẹ́ lọ, iye ọjọ́ tó máa fi sọ ọ́ ṣáájú sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ọjọ́ tó fẹ́ gbà. Ẹni tó fẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ti sọ ní ogún ọjọ́ ṣáájú. Ó sì sọ bí ọ̀gá ṣe lè ní rárá: iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ béèrè ni ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ṣáájú kó tó sọ pé kò ṣeé ṣe. Tí líìfù bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá, ó pẹ́ tán, kí líìfù náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìgbàsíṣẹ́ lè gbé òǹkà tirẹ̀ kalẹ̀, nítorí náà ìwé yẹn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣí. Níbi tí ìwé yẹn kò bá ti sọ nǹkan kan, òǹkà ti òfin ni wọ́n máa lò.

Ibi tí òfin náà wá dákẹ́ sí ni ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà. Kò sí gbólóhùn kankan nínú rẹ̀ tó sọ pé òṣìṣẹ́ lè dá wọ́gi lé líìfù tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí. Ọ̀gá lè ní “má lọ”, tó bá ti sọ ọ́ lásìkò. Òṣìṣẹ́ kò ní agbára tó bá ìyẹn dọ́gba láti ní “mi ò lọ mọ́”. Kódà ọ̀gá lè ṣe ju ìyẹn lọ: òfin kan náà fún un lágbára láti sọ fún òṣìṣẹ́ pé ọjọ́ báyìí ni kó lọ sinmi, tó bá ti fi ìlọ́po méjì ọjọ́ náà sọ fún un ṣáájú. Nítorí náà ọ̀gá tó bá fẹ́ ṣorí kunkun lè dá òṣìṣẹ́ lóhùn pé líìfù tó gbà kò yẹ̀, kó lọ jókòó sílé.

Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí wọ́n rò pé oore ni àwọn ń ṣe fún iléeṣẹ́ nígbà tí àwọn bá ní àwọn máa wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi àwọn. Ká wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù. Ó ti wá ẹni tó máa di ipò nọ́ọ̀sì náà mú. Bóyá òṣìṣẹ́ àgbàṣe ni, ó sì ti ṣèlérí owó fún un. Bóyá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, tí ìyẹn náà ti sún ètò ara rẹ̀ nítorí ẹ̀. Nígbà tí ẹni tó gba líìfù bá padà dé, èèyàn méjì ló máa wà níbi iṣẹ́ ẹnì kan. Ìdí kejì kì í hàn sí òṣìṣẹ́ rárá: ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, oṣù Kẹrin ni ọdún líìfù máa ń bẹ̀rẹ̀, ìparí oṣù Kẹta ló sì máa ń parí. Bí gbogbo èèyàn bá ń sún líìfù wọn síwájú, oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni gbogbo rẹ̀ máa wọ́ jọ sí, wọ́ọ̀dù á sì ṣófo. Ọ̀gá tó ń kọ̀ láti gba líìfù padà lóṣù Kọkànlá, ó lè jẹ́ pé oṣù Kẹta ló ń wò.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní wọ́n fọwọ́ sí líìfù rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, títí dé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni. Ọjọ́ Ẹtì tó wà láàárín, ìyẹn ọjọ́ 28, ni wọ́n fẹ́ sin bàbá rẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pè é láti ilé pé ẹbí ti sún un sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026. Ó fẹ́ gbé líìfù náà lọ sí ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 23 oṣù yẹn. (A fi í sí ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ kí òǹkà lè rọrùn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá-méjìlá, wákàtí ni wọ́n sábà fi ń ka líìfù tiwọn, ìlànà yìí kan náà ló sì bá wọn.)

Ọjọ́ wà nílẹ̀ fún un. Láti ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní, ọjọ́ 84 ni, ogún péré sì ni òfin béèrè. Ọjọ́ 35 ló kù kí líìfù àtijọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀gá náà ṣì ráyè láti tún rọ́tà ṣe. Ibi tó ti lè kó sí wàhálà ni ọ̀nà tó máa gbà béèrè. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ṣe nínú ìkánjú ni pé wọ́n á kọ́kọ́ wọ́gi lé ti oṣù Kọkànlá, wọ́n á wá máa tọrọ ti oṣù Kìn-ín-ní. Tí ọ̀gá bá wá ní ẹni mẹ́ta ti gba oṣù Kìn-ín-ní ńkọ́? Ọ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tíì tẹ èkejì. Ìsìnkú bàbá rẹ̀ kò ní dúró, líìfù kò sì ní sí.

Ìwé kan ṣoṣo ló yẹ kó kọ, kí ẹ̀bẹ̀ méjèèjì so mọ́ra wọn nínú rẹ̀. Ohun tó máa wà nínú ìwé náà kò ju báyìí lọ:

“Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé líìfù tí ẹ fọwọ́ sí fún mi, láti ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá sí ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 2025, lọ sí ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní 2026. Ẹbí mi ti sún ìsìnkú bàbá mi sí ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní. Mo ti ṣe tán láti wá síṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí mo bá fi sílẹ̀, ní ṣíìfù tó bá yá yín lára. Bí ẹ kò bá lè fún mi ní gbogbo ọjọ́ tuntun yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọ́gi lé ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gba ìwé náà là. Òun ló jẹ́ kó jẹ́ pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe, tí kò fi jẹ́ pé ó fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ní ṣíìfù tó bá yá yín lára” náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, torí pé ọ̀gá tó ti fi ẹlòmíì sí iṣẹ́ ọ̀sán lè ṣì ń wá ẹni tó máa ṣe ti òru. Ìdí tó fi ń sún un kò gùn ju gbólóhùn kan lọ. Kò sídìí tó fi yẹ kó rò fún ọ̀gá bí àwọn àbúrò bàbá ṣe jà nípàdé ẹbí.

Ká wá ní ọ̀gá dáhùn pé òun lè fún un ní ọjọ́ 12 sí ogúnjọ́ oṣù Kìn-ín-ní, àmọ́ láti ọjọ́ 21, òun kò lè fi í sílẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún tuntun. Òǹkà rẹ̀ nìyí: ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, márùn-ún; ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, méjì. Ọjọ́ méje ló máa lò. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú, ọjọ́ Àìkú ọjọ́ 18 ni ìdúpẹ́, ó sì ṣì máa ráyè wọ bàálù padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù gbọ́dọ̀ padà sínú àpò líìfù rẹ̀. Kó rí i dájú pé ó kọ ìyẹn náà sínú èsì tó máa fi gbà: “Mo gba ọjọ́ méje, ọjọ́ mẹ́ta padà sínú àjẹkù mi.” Àwọn ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló sábà máa ń sọ nù, torí pé kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ bàálù ló ń gba owó ìyípadà ọjọ́, ibi iṣẹ́ kò sì ní gbèsè rẹ̀ lọ́rùn nígbà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló ní kí wọ́n sún líìfù. Nítorí náà, kó má fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì títí ọ̀gá yóò fi kọ̀wé pé òun gbà.

Ọ̀rọ̀ á wá yí padà bírí ká ní ẹbí sún ìsìnkú náà kọjá ìparí oṣù Kẹta, sínú oṣù Kẹrin ọdún 2026. Ọdún líìfù ti tán nígbà yẹn. Nínú ọjọ́ 28 tí òfin fúnni, mẹ́jọ péré ni òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá lè fohùn ṣọ̀kan láti gbé wọ ọdún tó ń bọ̀; ogún tó kù, ọdún tí wọ́n wà fún ló yẹ kí wọ́n tán, àfi tí ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí òfin là sílẹ̀ bá wáyé. Ilé ìwòsàn ìjọba máa ń fún òṣìṣẹ́ tuntun ní ọjọ́ 27, láìka ọjọ́ ìsinmi gbogbo ìlú mẹ́jọ tó wà lọ́tọ̀, ó sì ń di ọjọ́ 33 fún ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́wàá. Èyí tó fi ju ti òfin lọ, ìlànà ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló máa sọ bóyá ó ṣeé gbé kọjá. Nọ́ọ̀sì tí ẹbí rẹ̀ bá sún òkú sí oṣù Kẹrin, líìfù ọdún tuntun ló dára kó tọrọ fún un, kó sì wá bó ṣe máa lo ti ọdún àtijọ́ kó tó ṣègbé.

Ìgbà kan wà tí òṣìṣẹ́ lè sún líìfù rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni, ìgbà àìsàn ni. Ọkùnrin kan ní ìlú Màdírídì, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ló jà á débẹ̀. Pereda ni wọ́n mọ ẹjọ́ rẹ̀ sí. Wọ́n fún un ní líìfù láti àárín oṣù Keje sí àárín oṣù Kẹjọ ọdún 2007. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje yẹn, ó fara pa níbi iṣẹ́, kò sì gbádùn títí líìfù náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní kí iléeṣẹ́ fún òun ní òmíràn lápá ìparí ọdún, wọ́n kọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ilé ẹjọ́ àgbà ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá a láre: wọ́n ní ìsinmi ni wọ́n dá líìfù sílẹ̀ fún, ìwòsàn ni wọ́n dá ìyọ̀ǹda àìsàn sílẹ̀ fún, ẹni tó bá ṣàìsàn lákòókò líìfù lè gba líìfù rẹ̀ nígbà mìíràn. Ìlànà yẹn ti wọ inú òfin Ìlú Ọba. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, òfin kọ ọ́ ní gbangba pé líìfù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí àìsàn kò jẹ́ kéèyàn lò ṣeé gbé lọ sí ọdún tó tẹ̀ lé e, kó sì ti lò ó kí oṣù 18 tó pé lẹ́yìn ọdún tí líìfù náà wà fún.

Àmọ́ ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹni tí ibà gbé dè ní Ìbàdàn nígbà tó wà ní líìfù gbọ́dọ̀ pe ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣàìsàn gan-an, bí ẹni pé ó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́, kó sì gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tí àìsàn náà bá pẹ́ ju bí iléeṣẹ́ ṣe gbà láyè lọ. Kó má dúró di ìgbà tó bá padà dé kó tó sọ pé òun ò gbádùn níbẹ̀. Owó náà sì lè yí padà, torí pé owó líìfù kò dọ́gba pẹ̀lú owó àìsàn ní gbogbo iléeṣẹ́. Kéèyàn má sì da ọ̀fọ̀ pọ̀ mọ́ àìsàn o. Ìsìnkú tí wọ́n sún, ìgbéyàwó tó yẹ̀, fíísà tí kò jáde, kò sí èyí tó wọ abẹ́ òfin yìí nínú wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn.

Òṣùpá náà máa ń yẹ ọjọ́. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 9 àti Ọjọ́rú ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Ajé, wọn ò rí òṣùpá, ààwẹ̀ pé ọgbọ̀n, Ọjọ́rú ni wọ́n sì yíde. Ìjọba bá fi Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 11 kún ìsinmi náà, ẹnikẹ́ni ò sì ní láti kọ̀wé kankan. Ní Ìlú Ọba, ọdún Ìtúnu kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi gbogbo ìlú, líìfù ara ẹni ni Mùsùlùmí máa ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀. Ẹni tó bá gba ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún ọdún náà, alẹ́ ọjọ́ Ajé ló máa tó mọ̀ pé òun ti gba ọjọ́ tí kì í ṣe ti ọdún. Líìfù ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì ṣáájú ni òfin ní kó béèrè rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè bá òfin yẹn mu láyé.

Ohun tí àwọn tó gbọ́n sí i máa ń ṣe ni pé wọ́n á ti bá ọ̀gá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ pé ọjọ́ méjì ló wà ńlẹ̀, ọ̀kan ni àwọn máa lò, àwọn sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́ tí òṣùpá bá ti fojú hàn. Àwọn kan á bá ẹlẹgbẹ́ wọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ṣe é: “Tó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwọ bá mi dúró, tó bá jẹ́ Ọjọ́rú, èmi wá, kí n lọ lọ́jọ́ kejì.” Kéèyàn jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kó sì wà lákọsílẹ̀, torí tí ẹlẹgbẹ́ náà bá gbàgbé, orúkọ ẹni tó wà nínú rọ́tà ni wọ́n máa wá.

Nílé, ọ̀rọ̀ líìfù kò fi bẹ́ẹ̀ le bí ti òkèèrè, àmọ́ ó ní ihò tirẹ̀. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, ní abala 18, fún òṣìṣẹ́ ní líìfù olówó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù méjìlá láìdáwọ́ dúró. Òfin náà sọ ní tààrà pé líìfù ṣeé sún síwájú tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá jọ gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó fi òpin sí i: àkókò iṣẹ́ tí wọ́n máa fi ka líìfù náà kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 24 lọ. Lédè mìíràn, kéèyàn má máa sún un lọ́dọọdún bí ẹni ń sún gbèsè. Ó tún ní agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ san owó rọ́pò líìfù náà fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà ọ̀gá tó bá ní “sún un síwájú, tó bá yá a máa fi owó dí i fún ẹ”, ohun tí òfin kọ̀ ló ń ṣèlérí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbowó oṣù ni òfin yìí bá wí, torí ó yọ àwọn alákòóso, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀; ìwé ìgbàsíṣẹ́ tiwọn ni wọ́n máa wò.

Owó líìfù ni ihò tí àwọn èèyàn máa ń já sí jù. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló máa ń fi owó yẹn kún owó oṣù tí líìfù bá bọ́ sí. Òṣìṣẹ́ tó bá sún líìfù rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀ka owó ti pa ìwé oṣù yẹn dé, owó náà lè ti wọlé sí báńkì rẹ̀, kó sì ti ná an. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi sún líìfù náà pé òun ti gba owó rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa san án lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má sì wá gé e lójijì lóṣù tí kò rò ó sí.

Èyí tó wá burú jù lọ ni ẹni tó fẹnu sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. “Ọ̀gá, mi ò lọ mọ́ o.” “Kò burú.” Ó wá síṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó lagun, nígbà tó di oṣù Kejìlá tó ní òun fẹ́ lo líìfù òun, wọ́n ṣí fáìlì, wọ́n ní ó ti lò ó. Ìwé tó gbà lọ́jọ́sí ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá wà lára rẹ̀, kò sì sí ìwé tó fagi lé e. Bí èèyàn ṣe lè mọ̀ pé líìfù ti padà lóòótọ́ ni pé kó wo nǹkan méjì: kí iye ọjọ́ tó kù fún un ti lọ sókè, kí orúkọ rẹ̀ sì ti padà sínú rọ́tà tàbí ìwé ìwọṣẹ́ fún àwọn ọjọ́ yẹn. Bí ọ̀kan bá yí padà tí èkejì kò yí, ẹnì kan ṣì wà tí ìròyìn náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí líìfù tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ kí ètò tó yẹ̀. Kò sí ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fi lè tọrọ pé kí òun padà síṣẹ́, àmọ́ kó kọ́kọ́ mọ bí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ka ọjọ́. Àwọn kan ń ka ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, àwọn mìíràn ń ka gbogbo ọjọ́ tó wà lórí kàlẹ́ńdà, Sátidé àti ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú. Ká ní wọ́n fún akọ̀wé kan ní ọgbọ̀n ọjọ́ kàlẹ́ńdà láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, tí ìrìn àjò tó tìtorí rẹ̀ gba líìfù wá forí ṣánpọ́n lọ́sẹ̀ kejì. Tó bá gba àyè láti padà síṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14, ọjọ́ mọ́kànlá ló ti lò, mọ́kàndínlógún ló kù fún un. Tó bá ní kí òun kúkú fi òpin ọ̀sẹ̀ yẹn sinmi, kó wá wọlé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 17, mẹ́rìnlá ló ti lò, mẹ́rìndínlógún ló kù. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fi pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọjọ́ líìfù mẹ́ta sì ti lọ sí i. Ọjọ́ tó bá kọ sínú ìwé ìpadà-síṣẹ́ rẹ̀, tí ọ̀gá sì buwọ́ lù, ni wọ́n máa fi ka gbogbo rẹ̀ fún un.